Bí a ṣe ń ṣírò òfò àsán tí mọ̀nọ́pólì ń dá sílẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tí ó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń kọ́ ní ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ní Ìbàdàn máa ń bi mí lemọ́lemọ́. Mo gbé gbogbo ìdáhùn wọn lé orí àpẹẹrẹ kan ṣoṣo, ìyẹn kànga ẹ̀rọ kan ní ẹ̀yìn Mọ́níyà, ní àdúgbò tí omi ìjọba kì í dé. Èmi ni mo yan àwọn iye owó inú àpẹẹrẹ náà kí ìṣirò má bàa ta kókó, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbà wọ́n gẹ́gẹ́ bí iye tí omi jẹ́ ní ọjà lónìí.

Kí ni à ń pè ní òfò àsán?

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ìdí kànga náà. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń ta omi ní àdúgbò náà, kò sí ẹlòmíràn tí ènìyàn lè yà sí. Ohun tí à ń pè ní mọ̀nọ́pólì nìyẹn. Ó ń ta kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 kọ̀ọ̀kan ní ₦120, kẹ́ẹ̀gì 160 sì ni ó ń tà lójúmọ́. Dísù tí jẹnẹrétọ̀ ń jó láti fa omi kẹ́ẹ̀gì kan, pẹ̀lú owó ọmọ tí ó ń bu omi, jẹ́ ₦40, ì báà jẹ́ kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀ tàbí èyí tí a pọn gbẹ̀yìn ní ìrọ̀lẹ́.

Ìyá kan tí ó ń dín àkàrà ní orígun òpópónà náà ti gbé omi tí yóò fi se oúnjẹ, ṣùgbọ́n ó tún fẹ́ kẹ́ẹ̀gì kan sí i tí yóò fi bó ẹ̀wà. Kẹ́ẹ̀gì yẹn tó ₦90 lójú rẹ̀, kò tó ₦120. Nítorí náà ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ padà ní òfìfo, ó sì fi ìdajì omi bó ẹ̀wà náà. Ohun tí ì bá ná ẹni tí ó ni kànga ní ₦40 ni ìyá yìí ì bá fi ṣe ohun tí ó tó ₦90. ₦50 tí ó wà láàárín méjèèjì kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: kò sí lọ́wọ́ ìyá, kò sí lọ́wọ́ ọlọ́jà, ìjọba kò sì gbà á ní owó-orí. Ó kàn ṣòfò ni. Tí a bá kó irú ₦50 bẹ́ẹ̀ jọ, ti gbogbo kẹ́ẹ̀gì tí ó yẹ kí a tà ṣùgbọ́n tí a kò tà, àpapọ̀ wọn ni òfò àsán.

Ẹ kíyè sí i pé òfò náà kì í ṣe ₦90. Owó tí ìyá kò san ṣì wà ní àpò rẹ̀, dísù tí a kò sì jó ṣì wà nínú táǹkì.

Kí ni mo nílò kí n tó lè ṣe ìṣirò náà?

Ohun méjì péré ni. Èkíní ni ìnáwó àfikún, ìyẹn iye tí pípèsè ẹyọ kan sí i yóò ná ọlọ́jà. Nínú àpẹẹrẹ wa, ₦40 ni, kò sì yí padà. Èkejì ni ìlà ìbéèrè ọjà, tí ó ń sọ iye kẹ́ẹ̀gì tí àwọn ènìyàn yóò rà ní iye owó kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a bá sọ pé ìlà náà tọ́, ohun tí a ń sọ ni pé gbogbo ìgbà tí owó bá dínkù ní iye kan náà, iye kan náà ni títà yóò fi pọ̀ sí i.

Tí ìlà bá tọ́, ibi méjì lórí rẹ̀ ti tó láti fà á. Ká ní ọlọ́jà wa ti tà ní ₦100 rí fún ìgbà díẹ̀, tí kẹ́ẹ̀gì 200 sì ń lọ lójúmọ́ nígbà náà. Láti ₦120 sí ₦100, owó fi ₦20 dínkù, títà sì fi kẹ́ẹ̀gì 40 pọ̀ sí i. ₦20 tí a pín sí ọ̀nà 40 jẹ́ kọ́bọ̀ 50 lórí kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. Ìdagẹ̀rẹ̀ ìlà náà nìyẹn, 0.5. Láti rí ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀ lókè, a ó gun un padà láti ₦120: kẹ́ẹ̀gì 160 ní ìlọ́po 0.5 jẹ́ 80, tí a bá sì fi 80 kún 120, a ó rí 200. Nítorí náà:

```
P = 200 - 0.5Q
MC = 40
```

P ni owó kẹ́ẹ̀gì kan, Q ni iye kẹ́ẹ̀gì lójúmọ́, MC sì ni ìnáwó àfikún. Ẹ má ṣe gbàgbé "lójúmọ́" yẹn, nítorí pé òfò tí a máa rí ní ìparí yóò jẹ́ ti ọjọ́ kan.

Ẹ fi ìṣirò náà hàn wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

A kọ́kọ́ wá iye tí ó yẹ kí a tà tí kò bá sí òfò rárá. Kẹ́ẹ̀gì tí ó bá tó ju ₦40 lójú ẹni tí yóò rà á ni ó yẹ ní pípọn, èyí tí kò bá tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ. Nítorí náà a ó fi owó sí ₦40: 200 − 0.5Q = 40, èyí tí ó fún wa ní Q = 320.

Lẹ́yìn náà ni a wá iye tí ọlọ́jà tí ó ń dá tà yóò yàn. Òun kì í wo owó kẹ́ẹ̀gì nìkan, owó-wíwọlé àfikún ni ó ń wò, ìyẹn iye tí títa kẹ́ẹ̀gì kan sí i yóò fi kún owó tí ó ń pa lójúmọ́. Fún ìlà tí ó tọ́, ibi kan náà ni ìlà owó-wíwọlé àfikún ti ń bẹ̀rẹ̀ lókè pẹ̀lú ìlà ìbéèrè, ṣùgbọ́n ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì:

```
MR = 200 - Q
200 - Q = 40
Q = 160
P = 200 - 0.5(160) = 120
```

Ó ku kí a díwọ̀n onígun mẹ́ta tí ó wà láàárín kẹ́ẹ̀gì 160 àti kẹ́ẹ̀gì 320. Gíga rẹ̀ ni ìyàtọ̀ láàárín ₦120 àti ₦40, ìyẹn 80. Ìdí rẹ̀ jẹ́ kẹ́ẹ̀gì 160 tí a kò tà.

```
DWL = 1/2 x (120 - 40) x (320 - 160) = 6400
```

DWL ni òfò àsán: ₦6,400 lójúmọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi lẹ́tà dípò iye lè pe ìlà ìbéèrè ní P = a − bQ, kí ó sì pe ìnáwó àfikún ní c; ìṣirò kan náà yóò fún un ní (a − c)²/(8b). Fún àpẹẹrẹ wa, 160² jẹ́ 25,600, 8 ní ìlọ́po 0.5 jẹ́ 4, 25,600 tí a pín sí 4 sì jẹ́ 6,400. Mo máa ń rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n ya àwòrán ní àkọ́kọ́, kí wọ́n tó lo àgbékalẹ̀ kúkúrú yìí, nítorí pé ẹni tí ó bá há a sórí nìkan kì í mọ ìgbà tí kò wúlò mọ́.

Kí ló dé tí owó-wíwọlé àfikún fi ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìlọ́po méjì?

Ẹ bá mi ṣírò kẹ́ẹ̀gì 161. Ní kẹ́ẹ̀gì 160, owó jẹ́ ₦120, àpapọ̀ owó tí ó wọlé sì jẹ́ ₦19,200. Kí ẹnì kan tó lè ra kẹ́ẹ̀gì kan sí i, owó gbọ́dọ̀ dé ₦119.50. Ọlọ́jà yóò gba ₦119.50 lórí kẹ́ẹ̀gì tuntun náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò pàdánù kọ́bọ̀ 50 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú 160 tí ó ti ń tà tẹ́lẹ̀, ìyẹn ₦80. Ohun tí ó kù fún un jẹ́ ₦39.50, bẹ́ẹ̀ ₦40 ni pípọn omi náà yóò ná an. Kò ní pọn ọ́n.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mọ̀nọ́pólì wà. Ẹni tí ó fẹ́ ra kẹ́ẹ̀gì yẹn ṣe tán láti san owó tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí omi náà ń ná ọlọ́jà, síbẹ̀ ọlọ́jà kò ní tà fún un, kì í ṣe nítorí ìkà, bí kò ṣe pé iye kan náà ni ó ń tà fún gbogbo ènìyàn, tí ẹ̀dínwó fún ẹnì kan bá sì wà, ó di ti gbogbo wọn. Tí ó bá ṣeé ṣe fún un láti dá owó ọ̀tọ̀ lé oníbàárà kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀, yóò pọn kẹ́ẹ̀gì 320 pé pérépéré, òfò àsán yóò sì di òdo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo àǹfààní omi náà yóò wọ àpò òun nìkan.

Kí ló dé tí a fi ń pín in sí méjì? Ṣé kẹ́ẹ̀gì tí a kò tà kì í ṣe 160, tí owó tí ó lé sì jẹ́ ₦80?

Kì í ṣe gbogbo kẹ́ẹ̀gì tí a kò tà ni ó ní ₦80 lórí. Èyí tí ó tẹ̀ lé 160 fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ₦80, ti ìyá alákàrà, tí í ṣe kẹ́ẹ̀gì 220 lórí ìlà wa, ní ₦50, ti 319 kò ní ju kọ́bọ̀ 50 lọ, ti 320 kò sì ní nǹkan kan mọ́. Ìdajì ₦80, ìyẹn ₦40, ni ó bọ́ sí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí a bá dà wọ́n pọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó nígbà kan, ó ka kẹ́ẹ̀gì wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 161 dé 320 sínú ìwé rẹ̀, ó sì rí ₦6,360 dípò ₦6,400. Ó rò pé òun ti ṣìṣe. Kò ṣìṣe rárá. Kẹ́ẹ̀gì odindi ni ó kà, àtẹ̀gùn sì ni àwòrán rẹ̀ jọ, àmọ́ onígun mẹ́ta gbà pé a lè ta omi ní ìwọ̀n kékeré bí ó ti wù kí ó jẹ́. ₦40 tí ó wà láàárín méjèèjì ni àwọn igun kéékèèké tí àtẹ̀gùn náà kò bò.

Owó ńlá tí ọlọ́jà ń jẹ lórí kẹ́ẹ̀gì 160 tí ó ń tà ńkọ́? Ṣé ìyẹn kì í ṣe òfò?

Èrè ₦80 lórí kẹ́ẹ̀gì 160 jẹ́ ₦12,800 lójúmọ́. Ó dun àwọn tí ó ń san án, mo sì mọ̀ pé ó dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n owó náà kò sọnù: ó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan, ó bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Bóyá ó tọ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìbéèrè nípa ìpín, ó sì yẹ kí a bèèrè rẹ̀ ní àyè tirẹ̀. Òfò àsán ń díwọ̀n ohun tí kò dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Lórí àwòrán, èrè ọlọ́jà ni onígun mẹ́rin tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì onígun mẹ́ta wa, àṣìṣe tí mo sì ń rí jù nínú ìwé ìdánwò ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kun àwọn méjèèjì pọ̀, kí ó wá kọ "òfò" sí àárín.

Tí ẹ bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ yín wò, ẹ ṣe àròpọ̀. Tí omi bá wà ní ₦40, gbogbo àǹfààní tí àwọn oníbàárà ń rí, ìyẹn ohun tí omi tó lójú wọn tí a yọ owó tí wọ́n san kúrò, jẹ́ ìdajì 160 ní ìlọ́po 320, tí í ṣe ₦25,600. Lábẹ́ mọ̀nọ́pólì, ₦6,400 ni ó kù fún oníbàárà, ₦12,800 bọ́ sí ọwọ́ ọlọ́jà, ₦6,400 sì ṣòfò. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ pé 25,600.

Mo kíyè sí i pé òfò náà jẹ́ ìdajì èrè. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìgbà?

Bẹ́ẹ̀ ni, níwọ̀n ìgbà tí ìlà ìbéèrè bá tọ́, tí ìnáwó àfikún kò yí padà, tí ọlọ́jà sì ń tà ní iye owó tí ó ń fún un ní èrè tí ó pọ̀ jù. Gbólóhùn tí ó gbẹ̀yìn yìí ni àwọn ènìyàn ń gbàgbé. Ká ní ọlọ́jà wa dúró sí ₦100 nítorí pé ojú ń tì í lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò. Yóò ta kẹ́ẹ̀gì 200, èrè rẹ̀ yóò jẹ́ ₦12,000, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ ₦6,000. Àmọ́ òfò gan-an jẹ́ ìdajì 60 ní ìlọ́po 120, ìyẹn ₦3,600. Ẹni tí ó kàn gé èrè sí méjì yóò fi ₦2,400 purọ́ láìmọ̀.

Nítorí náà, tí a bá fún yín ní iye owó tí ọlọ́jà ń tà gan-an, ẹ fi owó yẹn ṣe ìṣirò, kí ẹ má ṣe sáré lọ sí ibi tí owó-wíwọlé àfikún ti bá ìnáwó àfikún dọ́gba.

Wọ́n fún mi ní ìlà náà báyìí: Q = 400 − 2P. Èsì mi ń yàtọ̀. Kí ni mo ṣe?

Ìlà kan náà ni, a kàn dojú rẹ̀ kọ ibòmíràn ni. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti sọ 2 di 4 níbi tí ẹ ti rí i, kí ẹ kọ MR = 400 − 4P, kí ẹ sì fi í sí 40. Ìyẹn yóò fún yín ní P = 90, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì 220. Ìlọ́po méjì náà jẹ́ ti ìdagẹ̀rẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Q nígbà tí P bá dá dúró. Ẹ kọ́kọ́ yí i padà sí P = 200 − 0.5Q, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ọ̀nà tí ẹ lè gbà mọ̀ pé èsì yín kò tọ́ ni kí ẹ ṣírò èrè rẹ̀. Ní ₦90, èrè jẹ́ 50 ní ìlọ́po 220, ìyẹn ₦11,000. Ní ₦100, ₦12,000 ni. Tí èrè bá lè pọ̀ sí i nígbà tí ẹ bá sún owó díẹ̀, a jẹ́ pé ẹ kò tíì dé ibi tí ọlọ́jà yóò dúró sí.

Àṣìṣe kejì tí ìlà yìí máa ń fà ni kí ènìyàn na ìdí onígun mẹ́ta dé 400, nítorí pé 400 ni ó hàn gbangba nínú ìwé. Kẹ́ẹ̀gì 400 ni a ó tà tí omi bá di ọ̀fẹ́, omi náà kò sì lè jẹ́ ọ̀fẹ́ nígbà tí dísù ń jó. 320 ni ìdí rẹ̀ parí sí.

Tí a bá fi òfin gé owó náà wálẹ̀ díẹ̀, ṣé òfò yóò dínkù díẹ̀ náà ni?

Yóò dínkù ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ká ní àwọn aládùúgbò àti ọlọ́jà jọ fohùn ṣọ̀kan pé kẹ́ẹ̀gì kò gbọ́dọ̀ kọjá ₦80. Owó tí ó lé lórí ìnáwó àfikún ti di ₦40 dípò ₦80, ìdajì rẹ̀ péré ni. Kẹ́ẹ̀gì 240 ni a ó máa tà. Òfò yóò di ìdajì 40 ní ìlọ́po 80, ìyẹn ₦1,600: ìdá mẹ́rin ohun tí ó wà tẹ́lẹ̀.

Ìdí ni pé gíga onígun mẹ́ta náà àti ìdí rẹ̀ jọ ń dínkù lẹ́ẹ̀kan náà. Jules Dupuit, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Faransé tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀nà àti afárá, ti rí èyí ní 1844: tí owó-orí tàbí owó ibodè bá di ìlọ́po méjì, òfò tí ó ń fà di ìlọ́po mẹ́rin. Èyí ni mo kà sí ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìṣirò yìí. Gígé ₦40 àkọ́kọ́ kúrò lórí owó kẹ́ẹ̀gì gba ₦4,800 padà lójúmọ́. Gígé ₦40 tí ó tẹ̀ lé e kò lè gba ju ₦1,600 lọ.

Ṣùgbọ́n tí a bá gé owó kẹ́ẹ̀gì títí tí kò fi tó ₦40 mọ́, ọlọ́jà yóò pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀.

A kò tíì dárúkọ owó tí ó fi gbẹ́ kànga náà. Níbo ni ó wọlé?

Kò wọ inú ìṣirò onígun mẹ́ta rárá, nítorí pé kì í yí padà bóyá kẹ́ẹ̀gì kan ni a tà tàbí 300. Ṣùgbọ́n ó lè yí ohun tí ó ṣeé ṣe padà. Ká ní gbígbẹ́ kànga, ẹ̀rọ ìfàmi àti táǹkì, tí a bá pín owó wọn sí orí ọjọ́ tí wọn yóò lò, jẹ́ ₦5,600 lójúmọ́. Tí a bá fi dandan lé e pé ₦40 ni kí ó máa tà, gbogbo owó tí ó ń wọlé yóò lọ sí dísù àti ọmọ abomi, ₦5,600 yóò sì máa jẹ́ gbèsè lọ́rùn rẹ̀ lójoojúmọ́. Kànga náà kò ní pẹ́ kú, àyàfi tí ẹlòmíràn bá ń san owó yẹn fún un.

Iye owó tí ó kéré jù tí yóò jẹ́ kí ó rí owó rẹ̀ kó padà ni a lè wá báyìí:

```
(P - 40) x Q = 5600
(160 - 0.5Q) x Q = 5600
Q = 280, P = 60
```

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ₦20 lórí kẹ́ẹ̀gì 280 jẹ́ ₦5,600. Òfò àsán tí ó kù jẹ́ ìdajì 20 ní ìlọ́po 40, ìyẹn ₦400. Láti ₦6,400 sí ₦400, láìsí kọ́bọ̀ kankan láti ọ̀dọ̀ ìjọba! Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún yín pé mọ̀nọ́pólì ń fi ₦6,400 ṣòfò, ẹ bi í pé kí ni ó ń fi í wé. Tí ó bá ń fi í wé ₦40 tí kò ṣeé ṣe láìsí ìrànwọ́, ₦400 nínú òfò yẹn kì í ṣe ohun tí ìlànà owó nìkan lè mú kúrò.

Báwo ni a ṣe lè gbẹ́kẹ̀ lé ìlà tí ó tọ́, nígbà tí ìlà ọjà gidi kì í tọ́?

Ibi kan wà tí ó yẹ kí ọkàn yín balẹ̀, ibi kan sì wà tí kò yẹ kí ó balẹ̀. Òkè ìlà náà, níbi tí a ti kọ ₦200, kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú òfò àsán. Ì báà tẹ̀, ì báà ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, onígun mẹ́ta wa kò sí níbẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ni ìṣòro wà. ₦120 àti ₦100 nìkan ni a ti rí pẹ̀lú ojú wa. A kò rí ẹnì kankan kí ó ra omi ní ₦40. A kàn na ìlà náà lọ síbẹ̀ ni. Tí ó bá jẹ́ pé àwọn ènìyàn kò ní fẹ́ ju kẹ́ẹ̀gì 280 lọ ní ₦40, nítorí pé kò sí ibi tí wọ́n yóò da omi sí nílé, tí a sì fa ìlà tààrà láti ibi tí a wà dé ibẹ̀, òfò yóò jẹ́ ìdajì 80 ní ìlọ́po 120, ìyẹn ₦4,800. Bí ohun tí a ti rí bá ṣe sún mọ́ ìnáwó àfikún tó ni ìṣirò wa ṣe lágbára tó. Èyí ni ó mú kí n máa sọ pé kí a kọ ₦6,400 sílẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn "tí ìlà bá tọ́ dé ₦40" lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Arnold Harberger ṣe irú ìṣirò onígun mẹ́ta yìí fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1954: òfò náà kò tó nǹkan, ó sún mọ́ ìdá kan nínú 1,000 owó tí ń wọlé fún orílẹ̀-èdè náà. Ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Gordon Tullock dáhùn ní 1967 pé onígun mẹ́ta nìkan kò tó, nítorí pé àwọn ènìyàn máa ń náwó láti di ọlọ́jà kan ṣoṣo, kí wọ́n sì máa jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹni tí ó ni kànga wa bá ń ná ₦3,000 lójúmọ́ láti rí i pé kò sẹ́ni tí ó gbẹ́ òmíràn, apá kan nínú onígun mẹ́rin tí a sọ pé kì í ṣe òfò ti ń di òfò nìyẹn.

Tí ẹlòmíràn bá gbẹ́ kànga kejì ní àdúgbò náà, ṣé òfò yóò tán?

Kò ní tán, yóò dínkù ni. Ká ní ìnáwó àfikún àwọn méjèèjì jẹ́ ₦40, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń yan iye kẹ́ẹ̀gì tí yóò pọn nígbà tí ó ń wo ohun tí ẹnì kejì ń pọn. Ìṣirò Augustin Cournot, tí ó ti wà láti 1838, fi hàn pé àwọn méjèèjì yóò jọ ta ìdá méjì nínú mẹ́ta kẹ́ẹ̀gì 320, ìyẹn bíi 213. Owó kẹ́ẹ̀gì yóò wá sí nǹkan bíi ₦93, òfò àsán yóò sì di ₦2,844.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ó ku ohun kan. Kànga kejì náà ń ná ₦5,600 lójúmọ́ kí omi tó jáde níbẹ̀ rárá. Èrè ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan lórí omi rẹ̀ jẹ́ ₦5,689, nítorí náà ẹni kejì yóò gbẹ́ ẹ, nítorí ₦89 tí yóò kù fún un. Òfò tí wíwá rẹ̀ mú kúrò jẹ́ ₦3,556, kànga tí ó gbẹ́ láti mú un kúrò sì ná ₦5,600. Tí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, àdúgbò náà ti pàdánù ₦2,044 lójúmọ́ ju ìgbà tí kànga jẹ́ ẹyọ kan lọ, bẹ́ẹ̀ àǹfààní àwọn tí ó ń ra omi ti fò láti ₦6,400 sí ₦11,378, ìyá alákàrà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ra kẹ́ẹ̀gì rẹ̀: ₦3 péré ni ó kù láàárín ₦93 àti ₦90.